Páráàgà Tí Zulaihat Fi Wo Inú Rírun

Ẹni tó bá ti Mápó sọ̀kalẹ̀ bọ̀ sí Ọjà'ba, tí kò gbọ́ ohùn Kúlúsúmù alágbo, àfi kó jẹ́ pé etí rẹ̀ di. Ohùn rẹ̀ á ti kí yín kí ojú rẹ̀ tó yọ. "Ẹ wá mu àgbo, ẹ wá mu ìlera!" Ìgò ló tò kún iwájú tábìlì rẹ̀. Èyí tó fi omi sè wà lọ́wọ́ ọ̀tún, àgbo ibà ni, àgbo ọmọdé ni. Èyí tó rẹ sínú ògógóró wà lọ́wọ́ òsì, àgbo jẹ̀dí, àgbo ọpá ẹ̀yìn, àgbo inú rírun. Ti ọwọ́ òsì yìí làwọn ọlọ́kadà ń pè ní páráàgà, òun ló sì ń tà jù.

Ẹ má wá rò pé obìnrin náà ò bẹ̀rù Ọlọ́run o. Ọmọ àlùfáà ni, agboolé wọn ní Bẹyẹrunka, kò sẹ́ni tó jẹ́ gbé ìgò bíà wọ ibẹ̀. Bí ọmùtí bá ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ kọjá lójú ọ̀nà, Kúlúsúmù á tutọ́ sílẹ̀, á ní, "Aúsù bílláhì." Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi í pé ògógóró tó ń rẹ egbò igi sí ńkọ́, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ̀yin náà! Ọtí tí egbò bá ti wọ inú rẹ̀, ó ti kúrò lọ́tí. Oògùn ni." Bí ìyá rẹ̀ ṣe wí fún un nìyẹn. Òun náà ò bi ìyá rẹ̀ léèrè kejì.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Zulaihat. Bàbá ọmọ kú nígbà tí ọmọ ṣì ń rákòrò, nítorí náà gbogbo ojú tí ìyá ní, ara ọmọ yìí ló wà. Nígbà tí Zulaihat pé ọdún méjìlá, ó rí nǹkan oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́. Yéè! Inú rírun náà kì í ṣe eré. Ọmọ á ká jọ sórí ẹní, á máa gé ètè jẹ, omijé á máa ṣàn. Ta ni yóò rí ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí yóò fọwọ́ lẹ́rán? Kúlúsúmù mú ìgò kan lọ́wọ́ òsì, ó da á sínú ife kékeré, ó ní, "Dímú, gbé e mì lẹ́ẹ̀kan." Ọmọ gbé e mì, ó wúkọ́, ojú rẹ̀ pọ́n. Kò pẹ́, ara rẹ̀ rọ̀, ó sùn lọ fọnfọn.

Inú ìyá dùn! Lọ́jọ́ kejì ló ti ń fi polówó: "Ọmọ bíbí inú mi ni mo fi dán an wò, ẹ wá rà!"

Bó ṣe di oṣooṣù nìyẹn, ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tí Zulaihat fi máa pé ọdún mẹ́rìnlá, kò dúró de ìyá rẹ̀ mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń bu ú. Lákọ̀ọ́kọ́, nítorí inú rírun. Nígbà tó yá, nítorí ìdánwò tó ń bọ̀ lọ́la. Nígbà tó tún yá, nítorí pé òní ni Mọ́ńdè. Ohun tó tún ya ni lẹ́nu ni pé kì í ta gọ́ọ́gọ́ọ́, kì í tòògbé, ẹnikẹ́ni kì í fura. Ìyá rí i pé ìgò ń lọ sílẹ̀, ó sì ní oòrùn ló ń fà á.

Oòrùn! Oòrùn wo ló ń mu àgbo nínú yàrá?

Èyí tó hàn ni pé ìwé ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wọmi. Ọmọ tí í ka súúrà gígùn láìwo ìwé, ẹ rán an níṣẹ́ ata àti iyọ̀, iyọ̀ nìkan ló máa rà dé. Inú ń bí i lódìlódì. Nígbà tó pé ọdún mẹ́tàdínlógún, ó kúrò nílé ìwé, ìyá mú un lọ kọ́ṣẹ́ ìránṣọ lọ́dọ̀ obìnrin kan ní Bẹẹrẹ. Ọdún kan kò tíì pé dáadáa nígbà tí ọ̀gá ìránṣọ gbéra, ó wá bá Kúlúsúmù nídìí àgbo.

"Ìyá Zulaihat, ẹ má bínú sí mi. Ọmọ yín ń mutí."

"Ọmọ ta ni? Ẹ rọra o! Ilé àlùfáà lẹ ń bá sọ̀rọ̀!"

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ kò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Tó bá ti lọ sẹ́yìn ilé tó dé, ọwọ́ á dúró ṣinṣin. Ẹ lọ wo inú báàgì rẹ̀."

Kúlúsúmù wo inú báàgì. Ọ̀rá ọtí kékeré mọ́kànlá ló bá níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti gbẹ.

Ìyá Àtọ́kẹ́, àgbà obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé agboolé, ló gbà á nímọ̀ràn. "Ẹgbẹ́ búburú ló kó bá a. Tì í mọ́lé! Ọjọ́ méje péré, kó má rí ọtí lójú, á gbàgbé." Kúlúsúmù rí i bí ọ̀rọ̀ tó dáa. Ní àárọ̀ Jímọ̀ ó ti ọmọ mọ́ yàrá, ó ń fún un lóúnjẹ lójú fèrèsé. Zulaihat bẹ̀, ó sunkún, ó ṣépè. Ìyá mú ọkàn le. Ní ọ̀sán Sátidé, ẹkún ọmọ dáwọ́ dúró. Ìyá ṣílẹ̀kùn. Òógùn ti bo ọmọ bí ẹni tí òjò pa, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Kò tíì sọ pé "Zulai" délẹ̀ tí ọmọ fi na gbọọrọ, tí ojú rẹ̀ yí padà, tó ń jà pìtìpìtì nílẹ̀.

"Wárápá! Ẹ mú ṣíbí wá!" Ìyá Àtọ́kẹ́ ló ń ké. Ọpẹ́lọpẹ́ oníkẹ̀kẹ́ kan tó yà wọlé, tó ní kí wọ́n má ki nǹkan kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu, tó dá a dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí gìrì náà ṣe dáwọ́ dúró, ó gbé e sínú kẹ̀kẹ́, ó di ọsibítù.

Níbẹ̀ ni wọ́n ti fún un lábẹ́rẹ́, tí wọ́n fa omi sí i lára. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, tí ojú ọmọ walẹ̀, Nọ́ọ̀sì Hilda, obìnrin tó ti hewú, tó sì gbọ́ Yorùbá Ìbàdàn bí ọmọ Ọ̀rányàn, fa àga jókòó.

"Màmá, ìgbà wo ló kọ́kọ́ tọ́ ọtí wò?"

"Ọdún tó kọjá ni, nọ́ọ̀sì. Ọ̀rẹ́ ló kọ́ ọ."

Zulaihat ò gbórí sókè lórí ìrọ̀rí. "Ọmọ ọdún méjìlá ni mí. Inú ló ń run mí."

Nọ́ọ̀sì wo ìyá. Ìyá ní, "Oògùn ni. Egbò ló wà nínú rẹ̀."

"Màmá, egbò ò lè sọ ògógóró di omi." Ohùn rẹ̀ ò le. "Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ọpọlọ ọmọ ọdún méjìlá ò tíì parí. Ibi tó ń fẹ́ ìgbádùn, inú ọpọlọ lọ́hùn-ún ló wà, ó máa ń tètè dàgbà. Ibi tó ń sọ pé 'dúró, ó tó', ẹ̀yìn iwájú orí yìí gan-an ló wà, òun ló ń gbẹ́yìn, ó lè tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kó tó gbó. Ọ̀kadà ni, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń ké, tí wọn ò tíì so bíréèkì tán. Ẹ wá gbé e sórí òkè Mápó, ẹ ní kó máa sọ̀kalẹ̀."

Kúlúsúmù mọ òkè Mápó.

"Ọpọlọ ọmọdé ń kọ́ nǹkan kíákíá, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń yára kọ́ kéú. Bó ṣe ń kọ́ rere ló ń kọ́ ọtí. Ó ń kọ́ pé tí nǹkan bá dùn mí, èyí ni kí n mu. Ọtí tún ń ba ibi tó ń rántí nǹkan jẹ́. Àti pé oorun rẹ̀ kì í tètè kùn ọmọdé bíi ti àgbà, nítorí náà á mu púpọ̀, ẹ ò ní mọ̀."

"Kì í tòògbé," ni Kúlúsúmù wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Àwọn tó ṣèwádìí rí i pé ẹni tó bẹ̀rẹ̀ kó tó pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ewu pé ọtí á sọ ọ́ dẹrú lágbà tó ìlọ́po mẹ́rin ti ẹni tó dúró di ọdún mọ́kànlélógún. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń kó sí i o. Ẹ̀jẹ̀ ìdílé wà níbẹ̀, ìbànújẹ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn yẹn, wọ́n ti ṣí i fún un. Ẹ tún tì í mọ́lé lójijì. Ara tí ọtí ti mọ́ lójoojúmọ́, tí ẹ bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gìrì yẹn lè pa á. Oògùn la fi ń gbà á díẹ̀díẹ̀."

"Èmi ni mo ní kó dímú," ni Kúlúsúmù wí. "Èmi ni."

Nọ́ọ̀sì ò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó kàn gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Ó ṣì kéré. Ọpọlọ rẹ̀ ṣì lè tún ara rẹ̀ ṣe dé ìwọ̀n kan, tí kò bá mu mọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ fún yín, ọ̀nà rẹ̀ jìn."

Nígbà tí wọ́n délé, Kúlúsúmù da gbogbo ìgò ọwọ́ òsì sí gọ́tà. Òórùn rẹ̀ gba agboolé. Lọ́jà, àwọn oníbàárà ń fi í ṣẹ̀fẹ̀: "Ìyá alágbo, ṣé ẹ ti lọ Mẹ́kà ni?" Ìyá kan fa ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́ wá, kò ju ọdún mọ́kànlá lọ, ó ní òun fẹ́ ti inú rírun, èyí tó gbóná. Kúlúsúmù sọ gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì sọ, ó sọ ọ́ títí ó fi ń làágùn, ó ní kí wọ́n fi omi gbígbóná jó ikùn ọmọ, kí wọ́n lọ rí nọ́ọ̀sì. Ìyá náà gbọ́ ọ tán, ó kí i pé ó ṣeun, ó sì rìn dé tábìlì alágbo kejì. Kúlúsúmù ń wò wọ́n. Ó rí ife kékeré tí wọ́n gbé fún ọmọ náà. Ó rí i tí ọmọ fi ìka méjì dímú.

Zulaihat lọ gba oògùn lọ́sibítù ní gbogbo Tọ́sìdé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n mọ́, ọ̀gá ìránṣọ ní kó padà wá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìyá ti ọjà dé lọ́sàn-án, ó bá a lórí àtẹ̀gùn iwájú ilé, ọtí ń rùn lẹ́nu rẹ̀.

Kúlúsúmù ò lè pariwo. "Kí ló dé, Zulai? Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan, Màmi. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n sọ, mo lè kà á fún yín lákàsórí. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá dé, ó dà bíi pé ẹlòmíràn ló ń fi ẹsẹ̀ mi rìn. Mo ti máa mu ún tán kí n tó rántí pé mo ní mi ò mu mọ́."

Ìyá tẹ nọ́ọ̀sì láago. Nọ́ọ̀sì ní kó má nà án, kó má tì í mọ́lé, kó mú un wá lọ́la.

"Tó bá tún ṣubú ńkọ́?"

"Ẹ tún mú un wá."

"Títí di ìgbà wo, nọ́ọ̀sì?"

Wọ́n ti ń pe nọ́ọ̀sì lápá ibòmíràn, ó ní ó dọ̀la. Kúlúsúmù gbé fóònù sílẹ̀. Wọ́n pe ìrun Alásárì ní mọ́sálásí iwájú. Ó jókòó ti ọmọ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó fi ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò sì sí èyí tó dìde nínú àwọn méjèèjì.