Owó Ayẹyẹ Síkírá Tán Lóṣù Kẹsàn-án

Kí ọdún tó wọlé ni Síkírá ti yọ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin náírà sọ́tọ̀. Òun ni yóò fi ra aṣọ ẹbí, òun ni yóò ná níbi ìgbéyàwó àti ìkómọ jálẹ̀ ọdún. Bó bá tán, ó tán nìyẹn. Ìyà ló kọ́ ọ. Lọ́dún tó kọjá, aṣọ ẹbí ló kó owó ilé ìwé nọ́ọ̀sì ọmọ ẹ̀, Rafatu, lọ, wọ́n sì lé ọmọ náà jáde nínú ìdánwò. Gbogbo aṣọ ọ̀hún wà nínú àpótí, kò séyìí tó lè bá a jókòó ṣèdánwò.

Ọsibítù kan n'Íwòó ló ti ń gbálẹ̀. Nígbà tí ìyàwó ọ̀gá wọn pé ọgọ́ta ọdún, ojú ti Síkírá láti kọ̀, ó ra léèsì. Ibẹ̀ ni owó náà parí sí, lóṣù kẹsàn-án.

Lóṣù kọkànlá, Mọ́ríámọ̀ gbé léèsì aláwọ̀ ewé wọlé. Ọmọ ẹ̀ fẹ́ lọ́kọ. Ọ̀rẹ́ àtìgbà èwe ni. Òun ló pọn Síkírá lọ sílé ìgbẹ̀bí lọ́jọ́ tó bí Rafatu.

"Ìyá Rafatu, tìẹ rèé. Mo ti mú un kúrò kí wọ́n tó pín in."

"Mọ́ríámọ̀, jókòó ná. Mi ò ní lè rà á. Owó ayẹyẹ mi ti tán."

"Ta ló jẹ ẹ́?"

"Ìyàwó ọ̀gá."

"Ẹni tí ò mọ orúkọ ọmọ ẹ! Èmi tí mo pọ̀n ẹ́ ńkọ́? Ó dáa, ra gèlè nìkan."

"Owó gèlè gan-an ò sí. Owó Rafatu ló kù, mi ò sì ní fọwọ́ kàn án."

Mọ́ríámọ̀ ká aṣọ ẹ̀. "O ò purọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n ó dùn mí." Ó jáde, kò mu omi.

Síkírá jókòó bí ẹni òkú kú fún. Iye tó yọ sọ́tọ̀ ò burú. Ẹni tó kọ́kọ́ ná an fún ló burú.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ẹ̀yìnkùlé ló gbà lọ, níbi tí wọ́n ti ń dáná, pẹ̀lú ògbólógbòó ańkárá. Ẹnikẹ́ni kì í wọ léèsì nídìí iná.

Alásè kan ní, "Ọ̀rẹ́ ìyá ìyàwó, aṣọ ẹbí tìẹ dà?"

"Èéfín ni wọ́n tà fún mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun ò rín.

Nígbà tó yá, Mọ́ríámọ̀ yọ sí wọn nínú léèsì aláwọ̀ ewé ẹ̀. Ó wo Síkírá títí.

"Ṣé ẹran yẹn ti rọ̀?"

"Ó ku díẹ̀."

"Má jẹ̀ẹ́ kó jóná o. Àwọn àna mi ti jókòó."

Ó gbé ife omi tútù kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó padà síta.

Nígbà tí ọdún yí, iye yẹn náà ni Síkírá tún yọ, kò fi kọ́bọ̀ lé e. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó gbé aṣọ wá, ó ti di owó ayẹyẹ ti Mọ́ríámọ̀ sétí ìró lọ́tọ̀. Ìyá Mọ́ríámọ̀ ti darúgbó, ara ẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ le mọ́.