Ọ̀ọ́dúnrún Mítà Lẹ́yìn Ajah

Ọdún tí mo jáde yunifásítì ni wọ́n fi mí sẹ́nu iṣẹ́ títì tó gba Ajah kọjá. Bàbá kan, lébìrà wa, ọmọ abúlé ẹ̀bá ọ̀sà, ló ń ti kẹ̀kẹ́ ìwọ̀n: táyà kan ṣoṣo, ọwọ́ gígùn, àti aago tó ń ka mítà bó ṣe ń yí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ títì la ti ń kà. Bí a bá dé ibi kòtò tàbí kọ́lífáàtì, ihò tí omi ń gbà lábẹ́ títì, bàbá á pe iye tí aago wí, èmi á kọ ọ́. Ní ọ́fíìsì, mo máa ń wọn iye náà tẹ̀lé ìlà títì lórí máàpù, màá sì fi àmì pupa síbẹ̀.

Kọ́lífáàtì kan dí. Ìwé mi ní kìlómítà méjìlélógún àti irinwó mítà. Àwọn òṣìṣẹ́ lọ sídìí òpó tó ń fi kìlómítà kejìlélógún hàn létí títì, wọ́n wọn irinwó mítà síwájú, wọ́n gbẹ́lẹ̀ títí di ọ̀sán. Yanrìn ni wọ́n bá. Kọ́lífáàtì wà ní ọ̀ọ́dúnrún mítà síwájú ibi tí wọ́n gbẹ́.

Ọ̀gá wa pè wá jọ. "Ìwọ bàbá yìí, o gbé kẹ̀kẹ́ sọ́wọ́ níbi tí kòtò pọ̀, tí aago ò fi kà, àbí?"

"Mi ò gbé e, sà."

Dírẹ́bà ní, "Ẹ wọn bàbá fúnra wọn. Bóyá àwọn náà ti dín." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Bàbá kọjú sí mi. "Ẹ̀yin lẹ bá mi rìn, sà. Ẹ sọ fún wọn."

Mi ò rí i kó gbé e. Àmọ́ ìwé ni mo máa ń tẹjú mọ́. "Ẹ jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò ná," ni mo wí.

Ọ̀gá ní, "Ẹ gbọ́? Kò lè jẹ́rìí." Ó ní kí bàbá má wá mọ́.

Ọjọ́ méjì ni mo fi fi ìwé mi wé àwọn òpó. Ká ní bàbá ń gbé kẹ̀kẹ́ ni, àṣìṣe náà ìbá máa pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Kò sí àṣìṣe rárá títí dé òpó kẹtàdínlógún; lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀ọ́dúnrún mítà géérégé ni níbi gbogbo. Wọ́n ti gé kọ́nà kan níbẹ̀ kí títì lè tọ́, títì sì kúrú sí i. Máàpù wa ṣì ní kọ́nà yẹn, àwọn òpó sì wà níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá wa ló fọwọ́ sí i pé wọ́n ti tún àwọn òpó náà rì.

Mo fi hàn án. Ó ní, "Tún máàpù ṣe."

"Bàbá ńkọ́, sà?"

"A ti gba ẹlòmíràn."

Lọ́jọ́ Ajé, bàbá wọ aṣọ iṣẹ́ wá, ó gun ẹ̀yìn ọkọ̀ wa. Dírẹ́bà ní, "Bàbá, ẹ sọ̀ kalẹ̀." Bàbá wo iwájú, níbi tí mo jókòó sí, ó ń retí pé kí n sọ̀rọ̀. Máàpù tuntun wà lórí itan mi, kò lábùkù. Ọ̀gá jókòó tì mí. Bàbá rọra sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ sì gbéra.