Òórùn Tí Imú-Ọba Kò Gbọ́

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló fún ara rẹ̀ lórúkọ ìnagijẹ. Àwọn ẹlòmíì máa ń dúró kí ayé fún wọn, òun ò ní sùúrù yẹn. Imú-Ọba ló ní ká máa pe òun. Ó ní bàbá wa fi ibi tí a ti ń po lọ́fínńdà sílẹ̀ fún gbogbo wa, ṣùgbọ́n òun nìkan ni wọ́n fi imú wọn sílẹ̀ fún. Èmi àbúrò rẹ̀ obìnrin ńkọ́? Ìgò fífọ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún mi.

Ká sọ òótọ́, imú náà ń ṣiṣẹ́. Ó lè jókòó sí yàrá kejì kó sọ fún ọ pé èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ tí o ń bó ti ń gbẹ. Àmọ́ ẹnu rẹ̀ ju imú rẹ̀ lọ. Kò sí àlejò tí kì í sọ fún pé ìyàwó òun kì í lo lọ́fínńdà, ẹ wá wo ilé ẹni tó ń ṣe é! Ìyàwó wa á kàn máa lẹ orúkọ mọ́ ara ìgò tirẹ̀ lọ.

Oníbàárà ti ń sá fún wa díẹ̀díẹ̀ kí obìnrin kan tó ń ta ìborùn funfun tó dé. Ó fẹ́ lọ́fínńdà tí òun máa fín sára ìborùn, kí òórùn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ẹni tó rà á bá tú u nílé. Bí iṣẹ́ yẹn bá bọ́, títì la máa ti ilẹ̀kùn bàbá wa.

Ẹ̀gbọ́n gbé oje igi bàbá wa jáde, dúdú bí omi tíì, ó fi po lọ́fínńdà náà. Obìnrin náà dá ìborùn tó fín in sí padà, ó ti ní àbàwọ́n kálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wò ó, wò ó, ó ní aṣọ yẹn ni kò dáa.

Mo bá gbé mísíkì àtọwọ́dá wá, òróró olóòórùn tí wọ́n ń ṣe nílé iṣẹ́ kẹ́míkà. Mi ò bú oje igi o, òórùn tirẹ̀ gbóná, ó sì dùn, ṣùgbọ́n ó láwọ̀, ti ọdún yìí kì í sì í dà bíi ti èṣí. Mísíkì yìí ò láwọ̀, ìgò kan ò yàtọ̀ sí èkejì. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe: wọ́n wúwo, wọn kì í tètè fò lọ, wọ́n sì máa ń fa àwọn èròjà tó fúyẹ́ sẹ́yìn kí wọ́n má bàa sá tán kíákíá. Ọsàn wẹ́wẹ́ nìkan ni agbára wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ká, òun ló máa ń kọ́kọ́ lọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ìwé pélébé sínú mísíkì náà, ó gbé e símú, ó yọ ṣùtì.

"Omi ni. Wọ́n ti lù ẹ́ ní jìbìtì."

"Omi kẹ̀?" ni ìyàwó wa wí, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ti ju ìwé náà nù.

Àṣà bàbá wa ni pé nǹkan kan kì í jáde títí Imú-Ọba á fi gbóòórùn rẹ̀ kẹ́yìn, kó fi ohun tó kù sí i. Mo pò ó tán, mo wọlé lọ kó ìgò. Ní ìsọ̀ obìnrin oníborùn ni mo tó mọ ohun tí olóyè wa ṣe lẹ́yìn mi. Ẹ̀gbọ́n fín in lẹ́ẹ̀kan péré, obìnrin náà sáré lọ ṣí fèrèsé.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ dà sínú eléyìí? Ó fẹ́ẹ̀ pa mí!"

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, mà," ni Ẹ̀gbọ́n wí. Ó dúró sáàárín òórùn náà, ó ń mí bí ẹni tó jí láàárọ̀ kùtù. "Odidi ìgò kan nínú omi tí àbúrò mi rà ni mo dà sí i. Mò ń dà á, mò ń gbóòórùn rẹ̀, kò kúkú yí nǹkan kan padà."

Ojú tì mí débi pé mo rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà fún wa láyè ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sí i.

Nígbà tí a délé, mo fi omi rẹ ìwé kan, mo fi mísíkì rẹ èkejì, mo ní kó yan èyí tó lóòórùn. Kò lè yàn. Mo ti gbọ́ ọ rí pé ó ń ṣe àwọn kan bẹ́ẹ̀: imú wọn pé, ṣùgbọ́n irú mísíkì kan wà tí wọn ò lè gbọ́ rárá. Èébú ti kún ẹnu mi, mò ń ṣa èyí tó máa dùn ún jù.

Ìyàwó wa ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Mísíkì yìí ni mò ń lò látìgbà tẹ́ ẹ ti ń fẹ́ mi sọ́nà. Lójoojúmọ́. Ẹ ò sọ nǹkan kan rí. Mo rò pé ẹ ò fẹ́ràn rẹ̀ ni."

Mo gbé èébú mi mì. Inú bí mi pé àánú rẹ̀ ṣe mí.

Mo tún un pò, mo wọ̀n ọ́n dáadáa, ìyàwó wa ló sì gbóòórùn rẹ̀ kẹ́yìn. Obìnrin oníborùn gbà á, kò sì rí àléébù kankan nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, mo bá Ẹ̀gbọ́n níbi tó ti tẹ orí sí ọrùn ìyàwó rẹ̀, ó ń fa imú, ó ń fà á. Ó gbójú sókè, ó wo èmi afọgò.

"Ṣé ó dùn?" ó bi mí.

Mo ní ó dùn.