Aṣọ Tó Wà Lábẹ́ Ìborùn

Nílé wa ní Agbonou, ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò ìborùn kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá ìyá mi jà. Mi ò sọ àsọdùn. Obìnrin náà ti ń hun aṣọ kí wọ́n tó bí mi, kò sì sí ohun tí èèyàn lè sọ fún un nípa aṣọ tí kò ní yínmú sí. Tí o bá ní kó ṣí fèrèsé, á ní eruku ń wọlé. Tí o bá ní kó pa iná, á bi ọ́ léèrè bóyá ìwọ lò ń sanwó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, èmi ni mò ń sanwó rẹ̀.

Kí n má parọ́, àṣìṣe àkọ́kọ́ ọwọ́ mi ló ti wá. Èmi ni mo fi pọ́tábù, fóònù mi, ṣí ojú ìwé ìtajà kan fún un lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn tó wà ní Lomé lè máa rí iṣẹ́ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo ti ibi iṣẹ́ dé láti Atakpamé, pẹ̀lú àárẹ̀ lójú, mo ya ìborùn aláró kan lábẹ́ gílóòbù pupa ràkọ̀ràkọ̀ tó wà ní pálọ̀. Ìyá mi ti tẹ́ ańkárá rẹ̀ tó dára jù sábẹ́ rẹ̀, èyí tí ẹyẹ ńláńlá wà lára rẹ̀, torí lójú tirẹ̀, wọn kì í tẹ́ ọjà sórí tábìlì ìhòòhò. Ó tún fi òdòdó oníke sí igun kan. Nínú fọ́tò náà, ẹyẹ lo máa kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà òdòdó. Aró wá dà bí dúdú.

Obìnrin kan tó ń ṣọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀ rí i, ó rà á, ó rò pé dúdú ni. Nígbà tó dé ọwọ́ rẹ̀, búlúù ni. Ó fi taksí dá a padà. Ìyá mi tú u kúrò nínú ọ̀rá, ó gbé e lé itan, ó ń fọwọ́ ra á.

"Ọkùnrin Anié yẹn tún ti wá béèrè òfì tí mo fi ń hunṣọ," ló wí. Ọkùnrin náà ní ilé oúnjẹ lẹ́bàá ọ̀nà ńlá, ó sì fẹ́ gbé òfì náà kọ́ ògiri bí ọ̀ṣọ́. "Bí aṣọ mi bá tún padà wálé, mo máa jẹ́ kó gbé e lọ."

Inú mi bàjẹ́. Láti kékeré ni mo ti mọ òfì yẹn lára ògiri yàrá rẹ̀, níbi tó dúró gbọn-in sí. Kí ẹni tó ń jẹ ẹran sísun máa wá nu ọwọ́ sí i lára?

Kò pẹ́ sígbà náà ni ṣọ́ọ̀bù kan ní Lomé tó ń tajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kọ̀wé sí mi. Wọ́n fẹ́ ìborùn mẹ́ta, ṣùgbọ́n kí n fi fọ́tò ránṣẹ́ kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Sátidé: kí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ kan ṣoṣo, kó má ní òjìji, kí àwọ̀ aṣọ sì jẹ́ bó ṣe rí gan-an.

Láàárọ̀ Sátidé, mo gbé tábìlì lọ sí fèrèsé pálọ̀. Oòrùn àárọ̀ ń wọlé síbẹ̀ tààrà, ó ń fa òjìji irin fèrèsé la ìborùn kọjá bí ojú ìwé oníìlà. Mo gbé tábìlì lọ sí yàrá ìyá mi, níbi tí fèrèsé ti kọjú sí àríwá, tí oòrùn kì í dé. Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ tutù, ó sì tẹ́. Mo ṣí fèrèsé. Ìyá mi tì í. Mo ṣí i. Ó tan iná.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á. Iná yẹn àti fèrèsé kò lè jọ ṣiṣẹ́. Ọ̀kan á sọ apá kan di pupa, èkejì á sọ apá kejì di búlúù."

"Inú òkùnkùn lo ti fẹ́ ya aṣọ mi?"

"Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni, Màmá!"

Ó pa á, ó ń kùn. Ògiri yàrá rẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ ewé, àwọ̀ náà ń ta sára òwú funfun inú ìborùn. Mo fa páálí kan ya, mo lẹ bébà funfun mọ́ ọn, mo gbé e dúró ní òdìkejì fèrèsé. Ó bo ògiri, ó sì ń da ìmọ́lẹ̀ padà sí apá tó ṣókùnkùn. Mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì funfun sórí tábìlì. Mo yíjú láti nu ojú kámẹ́rà. Nígbà tí mo máa yíjú padà, ańkárá ẹlẹ́yẹ ti wà lórí tábìlì.

"Màmá!"

"Aṣọ ọsibítù lo tẹ́ síbẹ̀. Ta ló máa ra aṣọ aláìsàn?"

Mo yọ ọ́. Ó gbé òdòdó wá. Mo gbé òdòdó síta. Aago mẹ́wàá kọjá. Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì náà sì ti hunjọ, iná ìjọba ti lọ, mi ò lè lọ̀ ọ́. Mo jókòó sílẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mo pariwo mọ́ ọn, ohun tí mi ò ṣe rí láyé mi: "Ẹ̀yin gan-an lẹ fẹ́ kí òfì yẹn lọ! Aṣọ kan tí kò ní ọ̀ṣọ́ ni mò ń wá, ẹyọ kan péré!"

Ó wò mí. Ó lọ sídìí àpótí rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó mú kíjìpá kan jáde, òwú lásán tí wọn kò rẹ láró, ó wúwo, ó dán, kò hunjọ rárá. Ó tẹ́ ẹ fúnra rẹ̀, kò sì fi nǹkan kan sí i.

Mo na ìborùn àkọ́kọ́ lé e. Mo gbé pọ́tábù sókè lórí tábìlì kó tẹ́jú bíi tirẹ̀, mo fi ìka kan aró lórí ojú rẹ̀ kí kámẹ́rà lè mú un kedere, mo fa ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ kí ìlà funfun má bàa mọ́ jù. Aró jẹ́ aró. Èèyàn lè ka fọ́nrán òwú kọ̀ọ̀kan. Mo ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo fi wọ́n ránṣẹ́ nígbà tó ku díẹ̀ kí agogo ọ̀sán dún ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Èsì dé lọ́gán. Wọ́n máa gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún kọ ọ́ pé: aṣọ tó wà lábẹ́ wọn ńkọ́? Àwọn fẹ́ mẹ́wàá irú rẹ̀.

Mo bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo ìjà yẹn, wọ́n wá ń gbóríyìn fún tábìlì! Mo kà á fún ìyá mi. Òun kò rẹ́rìn-ín.

"Èyí?" Ó fi ọwọ́ kan kíjìpá náà. "Èyí lẹ máa tẹ́ mi lé lọ́jọ́ tí mo bá kú. Ọdún tí bàbá rẹ kú ni mo hun ún."

Mo sún kúrò nídìí tábìlì. Mo ti gbé ìgbọ̀nwọ́ lé e. Mo ti fi orúnkún kan tẹ etí rẹ̀ nígbà tí mò ń ya ìkẹta.

"Màmá, kí ló dé tí ẹ kò sọ?"

"O ní o fẹ́ èyí tí kò ní ọ̀ṣọ́. Òun nìkan ni mo ní."

Ó gbọn ọ́n, ó ká a ní mẹ́rin, ó dá a padà sínú àpótí. "Sọ fún wọn pé ìyẹn ti ní ẹni tó ni ín. Kí wọ́n ní sùúrù, mo máa hun tiwọn. Kí o sì pe ọkùnrin Anié, kó lọ wá nǹkan míì kọ́ ògiri."

Ó lọ jókòó nídìí òfì. Mo ti fèrèsé kí eruku má bàa yọ ọ́ lẹ́nu.

"Ta ló ní kí o tì í?" ló ní. "Ṣí i, jẹ́ kí n ríran."