Èlé Tó Fara Pamọ́ Sórí Alùpùpù

Ọkọ mi fẹ́ ra alùpùpù tí yóò máa gbé e láti Sabon Gari lọ síbi iṣẹ́ ní Chikaji. Àgbàlagbà ará Ìlọrin kan ló ń tà á. Láyé ìgbà náà, tí kọ́bọ̀ ṣì ń ra nǹkan, ẹgbẹ̀ta náírà ni bí a bá san án lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n a kò ní tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá ní, "Ẹ san igba sílẹ̀, kí ẹ máa mú náírà mẹ́wàá wá lọ́sẹ̀, fún àádọ́ta ọ̀sẹ̀. Kọ́bọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n péré ni èlé mi lórí náírà kan."

Ọkọ mi ti ń ka owó jáde. Èmi, tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, dì í lọ́wọ́ mú.

"Bàbá, irinwó ló kù, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta la ó san. Èlé jẹ́ ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan ni irinwó yín pé lọ́wọ́ wa, torí a ó máa dá a padà díẹ̀díẹ̀. Tí a bá pín in dọ́gba, bí igba ló wà lọ́wọ́ wa jálẹ̀ ọdún. Ọgọ́rùn-ún lórí igba fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àádọ́ta kọ́bọ̀ lórí náírà."

Ọkọ mi kó owó náà padà sápò.

Bàbá rọra jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn alùpùpù náà. "Bí wọ́n ṣe ń tà á fún èmi náà láwìn ní Kano nìyí, èlé kan náà," ó ní. "Láti ìgbà tí mo ti dá ṣọ́ọ̀bù yìí sílẹ̀."

A kò rà á lọ́jọ́ náà. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ ọkọ mi ló yá wa ní irinwó náà, èlé tiwọn sì kéré púpọ̀. Ọ̀dọ̀ bàbá yẹn náà la padà lọ rà á, a san ẹgbẹ̀ta rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.