Ìbàmú Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọ̀tún

Hàlímàt kò fẹ́ràn irọ́, ohun tó sì kó bá a nìyẹn. Nílé iṣẹ́ rédíò kékeré kan l'Ọ́fà, òun ló ń ka ìròyìn, òun náà ló sì ń ṣe ètò tí wọ́n fi ń tú àṣírí ìròyìn èké. Àwọn ará ọjà máa ń pè é ní Alhaja Olóòótọ́, bẹ́ẹ̀ kò dé Mẹ́kà rí. Yóò ní kí wọ́n yé pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀ tó bá ń sọ ọ́.

Lọ́jọ́ ọ̀rọ̀ yìí, fọ́tò kan ti gba orí Wáásáàpù gbogbo ìlú kan. Bàbá kan ló wà níbẹ̀ tó gbá àpò ìdọ̀họ kan mọ́ra, ẹsẹ̀ ọmọdé yọ lẹ́nu àpò náà, ọlọ́pàá kan sì dúró tì í. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ajọ́mọgbé rèé o. Wọ́n mú un l'Ójòkú, ó tún sá mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ fi ránṣẹ́ kí gbogbo ayé lè dá a mọ̀." Àwọn èèyàn wa ò sì ní kí wọ́n ṣe ọ̀lẹ nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí kì í dá owó ẹgbẹ́, tí kì í kí ẹnikẹ́ni kú ọ̀fọ̀, gbogbo wọn fi ránṣẹ́.

Hàlímàt fẹ fọ́tò náà lójú. Ó kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn bàbá náà, níbi tí wọ́n kọ nǹkan sí lára ògiri. Téèyàn bá wò ó lókèèrè, ó jọ ìwé kíkọ. Téèyàn bá sún mọ́ ọn, kò sí lẹ́tà gidi kan níbẹ̀, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ń ya fọ́tò èké ló kàn ya ohun tó jọ lẹ́tà. Ó wo ọwọ́ ọlọ́pàá, ó rí i pé ìka rẹ̀ méjì rì wọ inú àpò bí ẹni pé wọ́n yọ́ pọ̀. Oòrùn ń ti ọ̀tún ràn sójú bàbá náà, ṣùgbọ́n ti ọlọ́pàá ń ti òsì bọ̀. Oòrùn méjì kì í ràn l'Ójòkú.

"Irọ́ ni," ló sọ fún Habeeb, ọmọkùnrin tó ń bá a ṣe ètò náà. "Ṣùgbọ́n ojú bàbá yìí kì í ṣe irọ́. Ojú èèyàn gidi ni wọ́n gbé síbẹ̀."

"Ẹ wo inú fáìlì rẹ̀, Mà, bóyá ẹ̀ ẹ́ rí ọjọ́ tí wọ́n yà á."

"Wáásáàpù ti yọ gbogbo ìyẹn dànù. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Ó gbé fọ́tò náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kó lè bá a wá ibi tí irú rẹ̀ ti jáde rí. Kò rí nǹkan kan. Ìgbà tó tún tẹjú mọ́ ọn ló wá rí ìbàmú bàbá náà. Bàbá tó bí Hàlímàt kọ ìbàmú, ilà kan ṣoṣo tó dá gbọọrọ láti ibi ìdí imú wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Gbogbo àgbà tó mọ̀ tó kọ ọ́, òsì ni tiwọn. Ti ẹni inú fọ́tò yìí wà lọ́tùn-ún. Ó wo bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀, ọwọ́ tí ti obìnrin máa ń wà ló wà. Ọ̀rọ̀ wá yé e. Wọ́n ti yí fọ́tò náà sódì, bí èèyàn ṣe ń rí ara rẹ̀ nínú dígí, kí ẹni tó bá ń wá ojúlówó má baà tètè rí i.

Ó yí i padà, ó tún wá a. Ojúlówó jáde lórí Fesibúùkù mọ́sáláásí kan n'Íjàgbò. Bàbá kan náà ni, ẹ̀wù kan náà, ẹ̀rín kan náà. Níbi ìsọmọlórúkọ ni wọ́n ti yà á, ọmọ-ọmọ rẹ̀ jòjòló ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tí àwọn ọ̀bàyéjẹ́ fi àpò ìdọ̀họ sí. Hàlímàt pe àwọn mọ́sáláásí, wọ́n ní Bàbá Àlàbí ni, tó ń tún ẹ̀rọ ìlọta ṣe, wọ́n sì sọ agbo ilé rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ àti ibi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà fún un. Ó pe ọlọ́pàá Òjòkú, wọ́n ní àwọn ò mú ẹnikẹ́ni, áḿbọ̀sì kó sá. Ó pe Àlàbí fúnra rẹ̀, aago ń dún, kò gbé e. Ta ló ń gbọ́ fóònù nídìí ẹ̀rọ ata?

Gbogbo rẹ̀ pé. Iṣẹ́ tó mọ́ ni. Kò kù ju kó sọ pé fọ́tò náà kì í ṣòótọ́, kó sì pa ẹnu dé.

"Ṣé a ó dárúkọ Bàbá Àlàbí, Mà?" Habeeb béèrè. "A ò tíì bá wọn sọ̀rọ̀."

"Nílùú yìí? Bí mi ò bá sọ ọmọ ẹni tó jẹ́, ta ló máa gbà mí gbọ́?"

Òótọ́ ló sọ. Lọ́dọ̀ wa, bí wọ́n bá fẹ́ wẹ èèyàn mọ́, agbo ilé rẹ̀ ni wọ́n ń kà. Ọmọ ta ni, ilé wo ló ti wá, ta ló fẹ́. Ẹni tí a mọ ilé bàbá rẹ̀ kì í ṣe olè. Hàlímàt jókòó sídìí gbohùngbohùn, ó ka gbogbo rẹ̀ ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá: Àlàbí, ọmọ agbo ilé alágbẹ̀dẹ, ọkọ Safiyat, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́yìn ọjà Ìjàgbò, tó kọ ìbàmú sẹ́rẹ̀kẹ́ òsì. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan bàbá náà, nítorí irọ́ ni. Inú rẹ̀ dùn bó ṣe ń jáde.

Ẹyin lohùn. Títí di àárọ̀ ọjọ́ náà, ojú bàbá náà nìkan làwọn èèyàn mọ̀. Wọn ò mọ orúkọ, wọn ò mọ àdúgbò. Àwọn ọlọ́kadà tí rédíò ń dún létí wọn gbọ́ "ajọ́mọgbé," wọ́n gbọ́ "Àlàbí," wọ́n gbọ́ "ẹ̀yìn ọjà Ìjàgbò." Wọn ò dúró gbọ́ ìyókù. Wọ́n bá a níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ sídìí ẹ̀rọ, wọ́n fi irin ẹ̀rọ náà lù ú. Bàbá náà ń fi Ọlọ́run búra, wọ́n ní ajọ́mọgbé wo ni kì í búra. Nígbà tí ọlọ́pàá fi dé, ojú rẹ̀ kan ti lọ.

Wọ́n mú mẹ́ta nínú wọn. Hàlímàt gbé gbohùngbohùn lọ bá wọn ní àgọ́ ọlọ́pàá, ó ní òun fẹ́ mọ ohun tó kó sí wọn lórí. Kabir, èyí tó kéré jù nínú wọn, wò ó bí ọmọ tí wọ́n ń dá lẹ́bi lásán.

"Mummy, àwa ò mọ bàbá náà rí. Ẹ̀yin lẹ júwe ibẹ̀ fún wa."

Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò lé e bá. Hàlímàt lé e bá lóòótọ́. Òótọ́ rẹ̀ ló sì mú àwọn tó lu Àlàbí dé ṣọ́ọ̀bù náà.

Ó lọ sí ọsibítù pẹ̀lú ọsàn àti mílíìkì, bí ẹni tó ń kí èèyàn lẹ́yìn ibà. Safiyat, ìyàwó Àlàbí, rí i lẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ ṣé, Alhaja. Ẹ̀yin nìkan lẹ bá wa sọ ọ́ láyé pé ọkọ mi ò jí ọmọ gbé. Ọlọ́run á san án fún yín."

Hàlímàt ṣe àmín. Kò lè wò ó lójú, kò sì sọ ohun tí Kabir sọ. Ojú tì í, síbẹ̀ ó jẹ́ kí obìnrin náà máa dúpẹ́.

Àlàbí ò sùn. Wọ́n ti fi báńdéèjì wé orí àti ojú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti wú, ọ̀rọ̀ sì ń ti ibẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀. Ó ní ohùn rédíò lòun gbọ́ yẹn, òun dá a mọ̀. Ó ní òun ń gbọ́ ètò wọn tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi í, láìbínú, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́:

"Ẹ̀yin mọ̀ pé èmi kọ́, ọlọ́pàá náà mọ̀ pé èmi kọ́. Kí wá lẹ fẹ́ fi orúkọ mi ṣe?"

Safiyat ní kó sinmi, pé kò mọ ohun tó ń sọ. Ó gba ọsàn lọ́wọ́ Hàlímàt, ó sì gbé àga fún un kó jókòó.