Labalábá Kòkó ní Ìkẹjà

Nígbà tí ìjọba ológun fòpin sí ìgbìmọ̀ tó ń ra kòkó, ilé iṣẹ́ tí mo wà ní Ìkẹjà bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọjà Lọ́ńdọ̀nù dòwò fúnra rẹ̀. Mo gbà pé iye kòkó kò ní rìn jìnnà sí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin pọ́n-ùn lórí tọ́ọ̀nù kan. Mo ra ẹ̀tọ́ kan láti ra kòkó ní ẹgbẹ̀ta lọ́jọ́ kan pàtó bó bá wù wá, mo ta irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ méjì ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin, mo tún ra ọ̀kan ní ẹgbẹ̀rin. Labalábá ni wọ́n ń pe àpapọ̀ wọn, owó díẹ̀ ló sì gbà. Bí iye kòkó bá wà ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin gan-an lọ́jọ́ náà ni èrè rẹ̀ á pọ̀ jù.

Àfi bí ọ̀dá ṣe mú oko kòkó. Iye rẹ̀ fò kọjá ẹgbẹ̀rin. Ọ̀gá mi, obìnrin Ìjẹ̀bú kan, pè mí.

"O ta méjì! Bó bá ń gòkè lọ, ṣé ilé iṣẹ́ yìí la máa fi dí i?"

"Rárá, mà. Méjì tí mo rà ló dúró fún méjì tí mo tà. Owó tá a kọ́kọ́ san nìkan ló lè lọ."

Mo sọ ọ́ ketekete. Àmọ́ bí ẹ̀rọ tẹ́lẹ́ẹ̀sì tó ń tẹ iye ọjà Lọ́ńdọ̀nù jáde fún wa bá ti dún, màá sáré lọ wò ó.

Òjò padà rọ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ̀tọ́ náà parí, iye kòkó sọ̀kalẹ̀ sí ọgbọ̀n lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin. A jèrè, bí kò tilẹ̀ tó èyí tí à bá rí ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin gan-an.

Ọ̀gá mi wò mí. "O ti jẹun láàárọ̀ yìí?"

"Rárá, mà."

"Èmi náà ò lè jẹun."

Ó ní kí wọ́n ra búrẹ́dì Agége wá. Orí ìdúró la ti jẹ ẹ́.